Abẹ́rẹ́ 31 fún Túúlu Bárakú

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ Yorùbá ni, ẹni ọdún 42, ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ aláìsàn ni mo kó jọ sí i lára. Orí máa ń fọ́ ọ ní ọjọ́ 22 nínú oṣù. Ní ọjọ́ 12 nínú wọn, ẹ̀bátí òsì rẹ̀ á máa lù kì kì kì bí odó, kò ní lè wo ìmọ́lẹ̀, èébì á máa gbé e, òórùn ata díndín láti ilé kejì nìkan á sì lé e wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn ń pè é ní túúlu. Àwọn dókítà rẹ̀ ń pè é ní màígíréènì. Bí àwọn kan bá ń pe ọ̀fìnkìn tó dì sí orí ní túúlu, kì í ṣe ìyẹn là ń sọ níbí o.

Ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ fún un pé wọ́n ń gún Bótọ́ọ̀sì fún irú ẹ̀fọ́rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu yà á. Ohun tó mọ̀ ni pé àwọn òṣèré ló ń gún un kí ojú wọn má baà hun jọ. Òótọ́ ni ẹni náà sọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí abẹ́rẹ́ kankan tó kàn án lórí, nítorí pé ìwé kékeré kan ni dókítà kọ́kọ́ ní kó lọ máa kọ nǹkan sí. Lójoojúmọ́, kó kọ ọ́ bóyá orí fọ́ ọ tàbí kò fọ́ ọ, bóyá túúlu gan-an ni tàbí ẹ̀fọ́rí kékeré, àti oògùn tó lò. Ìwé yìí ló ń pinnu ẹni tí wọ́n máa gún, òun náà ló sì ń sọ bóyá abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá kà á, tó kàn ń sọ pé “gbogbo ìgbà ni orí máa ń fọ́ mi,” kò ní mọ̀ bóyá ara òun ń yá.

Ìdí ni pé túúlu bárakú nìkan ni abẹ́rẹ́ yìí wà fún. Kí wọ́n tó lè pè é ní bárakú, orí ní láti fọ́ èèyàn ní ọjọ́ 15 ó kéré tán lóṣù, fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, kí 8 nínú àwọn ọjọ́ náà sì jẹ́ túúlu pọ́ńbélé. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn tí tiwọn ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń rí i ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lóṣù, kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìwé obìnrin wa tún tú àṣírí mìíràn. Ní ọjọ́ 18 nínú oṣù ló ń lo oògùn ara ríro, èyí tí wọ́n pò pàrásítámọ̀ pọ̀ mọ́ kodéènì. Oògùn tó yẹ kó pa ẹ̀fọ́rí lè di ohun tó ń bí i. Bí èèyàn bá ń lo oògùn tó ní kodéènì nínú, tàbí èyí tí wọ́n po oríṣiríṣi pọ̀, tàbí àwọn oògùn túúlu tí wọ́n ń pè ní tirípítáànù, ní ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, oṣù mẹ́ta ti tó láti mú kí orí máa fọ́ nítorí oògùn náà. Fún pàrásítámọ̀ tàbí aibúpúrófẹ̀ẹ̀nì lásán, ọjọ́ 15 ni ààlà. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, inú àpò tàbí inú dúrọ́ọ̀ ni oògùn wọ̀nyí máa ń wà, a kì í sì í kà wọ́n. Dókítà bá a dín tirẹ̀ kù. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le gan-an, orí fọ́ ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ló rọlẹ̀. Ọjọ́ 22 di 20. Ogún yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun la máa fi wọn gbogbo ohun tó ń bọ̀.

Ní Ìlú Ọba, àjọ tó ń pinnu ìwòsàn tí ìjọba máa sanwó fún, tí wọ́n ń pè ní Náìsì, fọwọ́ sí Bótọ́ọ̀sì fún túúlu bárakú ní oṣù kẹfà ọdún 2012. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìlànà dè é: aláìsàn gbọ́dọ̀ ti lo oríṣi oògùn ìdènà mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n má ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n sì ti yanjú ọ̀rọ̀ àlòjù oògùn ara ríro. Obìnrin wa ti lo pírópáránólọ́ọ̀lù, ó ti lo amitiríptílíìnì tó ń mú un sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti lo topirámétì tó ń jẹ́ kó gbàgbé ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó kún ojú ìwọ̀n.

Májèlé ni Bótọ́ọ̀sì, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Kòkòrò àìfojúrí kan tó máa ń wọ inú oúnjẹ tí wọn kò tọ́jú dáadáa, ẹran inú ìfun àti oúnjẹ inú agolo, ló ń ṣe é. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè di aláìlèmí, kó sì kú. Ṣùgbọ́n dókítà ojú kan ní Sanfiransísíkò, Álánì Sikọ́ọ̀tì, rí i pé bí wọ́n bá fi ìwọ̀n bíńtín gún iṣan ojú, ó lè tún ojú tó ń wo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún ìyẹn ní 1989. Nígbà tó yá, Wílíàmù Báíńdà, dókítà tó ń tún ojú ṣe ní Bẹ́fálì Hííìsì, ń gbọ́ ohun kan náà lẹ́nu àwọn tó wá gún un fún ẹwà: orí wọn kò fọ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ní 2010, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún túúlu bárakú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣe ló ń dẹ iṣan orí, tí orí kò fi ní le mọ́. Kì í ṣe ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ awọ orí àti ti ọrùn, àwọn okùn ìmọ̀lára kan wà tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ. Ní ẹnu àwọn okùn yìí, àwọn àpò tín-tìn-tín wà tó kún fún èròjà tó ń ta ìrora jí. Kí àpò tó lè tú ẹrù rẹ̀ síta, ó ní láti kọ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú èròjà kan tó dà bí ìkọ́. Bótọ́ọ̀sì á wọ inú okùn náà, á gé ìkọ́ yẹn, ẹrù kò sì ní lè jáde. Bí ìrora kò bá ti máa ta ọpọlọ jí láti ìta, díẹ̀díẹ̀ ni ọpọlọ á rọlẹ̀. Àmọ́ ara kì í dákẹ́, á máa ṣe ìkọ́ tuntun, tó bá sì tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ọ̀nà á tún ṣí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ méjìlá-méjìlá. Kò wo túúlu sàn. Ṣe ló ń sé ọ̀nà mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀.

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́, obìnrin wa bọ́ wíìgì rẹ̀, ó sì wọ bùláòsì tó ṣí ọrùn àti èjìká sílẹ̀. Kò sí oògùn orun, kò sí ààwẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó máa gún un jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, èyí sì fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó mú ìgò kékeré kan jáde nínú fíríìjì, yúníìtì 200 ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ́kù funfun tó wà ní ìsàlẹ̀ ìgò náà kéré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ó fi mílílítà mẹ́rin omi iyọ̀ ilé ìwòsàn pò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lójú kan ṣoṣo tó bá fi abẹ́rẹ́ kàn, ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà ló máa tú síbẹ̀, yúníìtì márùn-ún péré. Ojú 31 ni, yúníìtì 155 lápapọ̀. Abẹ́rẹ́ náà tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, kò sì gùn ju nǹkan bí ìka kékeré dé oríkèé àkọ́kọ́ lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fajú ro dáadáa kí n rí i,” ni nọ́ọ̀sì wí. Bí ó ti fajú ro, iṣan tó wà ní orísun irun ojú yọ síta, wọ́n gún ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n gún ọ̀kan sí àárín, lókè imú. “Ẹ gbé irun ojú sókè báyìí, bí ẹni tí ẹnu yà.” Wọ́n gún mẹ́rin sí òkè iwájú orí. Ó dùn ún, omi sì bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. “Ẹ deyín pọ̀.” Iṣan ẹ̀bátí yọ, wọ́n gún mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ irun. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ ìró kan bíi ti ìyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó má fòyà, bí abẹ́rẹ́ ṣe ń dún nígbà tó bá gba inú iṣan ẹ̀bátí kọjá nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá yí ẹ̀yìn padà, ó tẹ orí díẹ̀. Mẹ́ta lọ́tùn-ún ìpàkọ́, mẹ́ta lósì. Méjì-méjì sí ẹ̀yìn ọrùn lókè. Mẹ́ta-mẹ́ta sí èjìká. Ìṣẹ́jú 15 kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi parí.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan níbí. Àwọn ojú tó wà níwájú, láti irun ojú dé òkè iwájú orí, méje péré ni nínú 31. Mẹ́rìnlélógún tó kù wà ní ẹ̀bátí, ìpàkọ́, ọrùn àti èjìká, yúníìtì 120 nínú 155 ló sì ń lọ síbẹ̀. Èyí ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Bótọ́ọ̀sì ẹwà. Bí ìrora ẹnì kan bá ń dúró sí ojú kan ju ibòmíràn lọ, wọ́n lè fi kún un níbẹ̀, títí dé yúníìtì 195 ní ojú 39.

Àwọn kókó kéékèèké bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ wú sí iwájú orí rẹ̀, kí ó tó délé wọ́n ti lọ. Wọ́n ní kó má fọwọ́ ra ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó sì má so gèlè tàbí fìlà tó fún mọ́rí. Ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Fún ọ̀sẹ̀ kan ó lé díẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ọrùn ń ro ó, orí sì fọ́ ọ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé àwọn èèyàn tan òun jẹ ni. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń jáwọ́ níbí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó máa ń tó ọjọ́ 10 sí 14 kí oògùn náà tó múlẹ̀, ti ẹlòmíràn kì í sì í hàn títí wọ́n á fi gún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Oṣù àkọ́kọ́, ó ka ọjọ́ 18. Oṣù kejì, 15. Oṣù kẹta, bí ìkọ́ tuntun ti ń hù, ó gòkè padà sí 17.

Ohun tó lè bàjẹ́ wà o. Ọrùn ríro ló wọ́pọ̀ jù. Nínú nǹkan bí èèyàn mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ìpéǹpéjú kan máa ń wálẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá gún iwájú orí nísàlẹ̀ jù tí oògùn fi ṣàn lọ sí iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú. Ó ń bani lẹ́rù láti rí nínú dígí, ṣùgbọ́n ó máa ń padà sípò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá gún ọrùn nísàlẹ̀ jù, orí lè wúwo láti gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gún òmíràn, kí wọ́n lè gbé ojú abẹ́rẹ́ sókè. Èyí tí kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ kejì ni pé kí oúnjẹ máa há lọ́nà ọ̀fun, kí ohùn yí padà, tàbí kí mímí ṣòro. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ó sì lè wáyé láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan; ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni ẹ gbà lọ tààrà. Ẹni tó bá ní àìsàn tó ń mú kí iṣan máa rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní mayasitẹ́níà, kò gbọdọ̀ gún un. Ẹni tó lóyún tàbí tó ń fún ọmọ lọ́yàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ gẹntamísínì náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí pé àwọn méjèèjì lè jùmọ̀ sọ iṣan di aláìlágbára.

Lẹ́yìn ìgbà kejì, ìwé rẹ̀ kà báyìí: 13, 11, 12. Ìlànà Náìsì sọ pé bí iye ọjọ́ kò bá fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lẹ́yìn ìgbà méjì, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ìdá 30 nínú 20 jẹ́ 6, nítorí náà ọjọ́ 14 ni ààlà tirẹ̀. Ìpíndọ́gba 12 ló ní, ó ti fi ọjọ́ 8 dín kù, ìdá 40 nìyẹn. Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́.

Àmọ́ ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti le. Ìlànà kan náà sọ pé bí ọjọ́ ẹ̀fọ́rí bá wà lábẹ́ 15 fún oṣù mẹ́ta léraléra, túúlu náà kì í ṣe bárakú mọ́, kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró. Oṣù mẹ́ta obìnrin wa kún ìyẹn. Ẹni tó ń jìyà ọjọ́ 12 nínú oṣù kò tíì bọ́, lójú tèmi, àwọn dókítà ẹ̀fọ́rí ní Yúróòpù tí wọ́n fi ààlà tiwọn sí ọjọ́ 10 sì ṣe é dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó má sá fún ìjíròrò náà, kó má sì fi irọ́ kún ìwé rẹ̀. Kó ní kí wọ́n sún abẹ́rẹ́ síwájú díẹ̀ dípò kí wọ́n gé e, kó máa ka ọjọ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá padà gòkè kọjá 15, ìwé yẹn ni ẹ̀rí tó máa fi béèrè pé kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má retí ìyanu ṣá. Nínú ìwádìí ńlá méjì tí wọ́n fi fọwọ́ sí i, èèyàn 1,384 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n fi Bótọ́ọ̀sì gún àwọn kan, wọ́n fi omi iyọ̀ lásán gún àwọn yòókù, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó jẹ́ tiwọn. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọjọ́ 20 lóṣù. Ní ọ̀sẹ̀ 24, ti àwọn oní-Bótọ́ọ̀sì ti fi ọjọ́ 8.4 dín kù, ti àwọn olómi iyọ̀ fi 6.6. Ìyàtọ̀ náà kò tó ọjọ́ méjì. Ìpíndọ́gba ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, nítorí pé àwọn kan kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì gba ayé wọn padà: ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gún Bótọ́ọ̀sì ni ọjọ́ wọn fi ìdajì dín kù, nígbà tó jẹ́ ìdá 35 nínú àwọn olómi iyọ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ̀nà tí ẹ máa bọ́ sí kí wọ́n tó gún yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ní Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tó jẹ́ pé àpò ara yín ni owó rẹ̀ ti máa jáde, dókítà ọpọlọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, pẹ̀lú ìwé ọjọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ìgò náà hàn yín, kí ẹ rí orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Yúníìtì Bótọ́ọ̀sì kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti oríṣi mìíràn bíi Dísípọ́ọ̀tì, nítorí náà ẹni tó bá kàn fi iye ọ̀kan wọn èkejì ti ṣìnà. Inú fíríìjì, láàárín òtútù ìwọ̀n 2 sí 8, ni ìgò náà gbọ́dọ̀ ti máa wà, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tó ń gbé fíríìjì wọn ró nígbà tí iná bá lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ojú mélòó ni wọ́n máa gún, àti bóyá wọ́n máa gún ìpàkọ́ àti ọrùn. Bí ó bá jẹ́ iwájú orí nìkan ni wọ́n fẹ́ gún, ìtọ́jú ojú ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín, kì í ṣe ti túúlu. Ẹ má sanwó rẹ̀.